Lẹ́tà ọjọ́ ìbí sí Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìbejì,

Ẹ kú ọjọ́ ìbí. Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, nínú àlàáfíà.

Láti àárọ̀ ni àwọn oníbàárà wa ti ń bi mí pé kí ni mo kọ sábẹ́ fọ́tò yín. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́: akíkanjú obìnrin, ìyá rere, alájọṣe tí kò lẹ́gbẹ́. Mo kà á, mo pa á rẹ́. Ẹni tí kò bá yín pò aró rí náà lè kọ ìyẹn. Iye ọdún yín, ẹ ò ní fẹ́ kí n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ara yín, ti inú ilé ni. Àṣírí kan ṣoṣo tí mo lẹ́tọ̀ọ́ láti tú níta ni tèmi.

Èmi ni mo ṣí háídírọ́ọ̀sì sílẹ̀ mọ́jú.

Ẹ mọ ọjọ́ tí mò ń wí. Àdìrẹ aṣọ ẹbí méjìlá, yáàdì márùn-ún márùn-ún, a ti fi àbẹ́là ya gbogbo rẹ̀ tán. Mo bu díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì háídírọ́ọ̀sì, ìyẹ̀fun tó ń mú aró jinná, lálẹ́, mi ò dé e, òjò sì rọ̀. Ọ̀rinrin sì ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ ti lọ sí ọjà Ìtòkú. Ó ti dì gbagidi, ó ń rùn kíkan. Mo fi ṣíbí fọ́ ọ, mo sì dà á sínú aró òyìnbó.

Ẹ ti kọ́ mi. Kọ́sítíìkì là ń dà sínú omi, a kì í da omi lé kọ́sítíìkì. Ṣíbí aró kan, ṣíbí kọ́sítíìkì kan, háídírọ́ọ̀sì méjì, kí a sì dúró kí ó jinná. Ẹ ní aró kì í yòrò nínú omi lásán; háídírọ́ọ̀sì ló ń sọ ọ́ di ohun tó lè wọ inú òwú, atẹ́gùn ló sì ń dá a padà sí búlúù nígbà tó bá ti wọlé tán. Ìdí nìyẹn tí omi aró tó jinná fi ń pọ́n bí ewé tó fẹ́ gbẹ, tí òkè rẹ̀ sì ń dán bí bàbà. Tí a bá ki àkísà funfun bọ̀ ọ́, bí ewé ló ṣe máa jáde, ojú wa ni yóò ti máa di búlúù.

Lọ́jọ́ yẹn, búlúù ni omi náà látòkè délẹ̀. Búlúù ni aṣọ jáde. Inú mi dùn, mo ní ó tètè mú.

Orí òwú ni aró náà jókòó sí, kò wọlé. Nígbà tí a fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là, omi dúdú ń tú jáde, mo ní àjẹṣẹ́kù ni. Ní òde ìnáwó náà, òógùn mú un, ọrùn èèyàn di aró. Nígbà tí ìyá ìyàwó kó aṣọ dé ṣọ́ọ̀bù, tó ń pariwo, ẹ dìde, ẹ kúnlẹ̀ fún un: "Èmi ni mo pò ó. Ẹ má bínú." Ẹ ò wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi rárá.

Lẹ́yìn tó lọ, ẹ mú hánkáṣíìfù yín, ẹ fi ra aṣọ kan. Ó di búlúù. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ẹ fi í sínú báàgì, ẹ sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí? Mo ti yẹ ìwé ìṣirò wa wò láìmọye ìgbà. Igi ìdáná wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó tí ẹ dá padà fún obìnrin yẹn kò sí. Àjọpín ni èrè wa, àjọpín náà ló yẹ kí àdánù jẹ́. Ẹ fi mí ṣe ọmọdé níbi tí ẹ ti pè mí ní alájọṣe. Ó ń dùn mí títí di òní.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ tọ́jú ọmọ ọmọ yín, èmi nìkan àti ọmọ iṣẹ́ méjì ló kù. Aṣọ títẹ̀ láti òkè òkun ti kún ọjà, ó fi ojú jọ tiwa, owó rẹ̀ kò tó ìdajì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gbàgbé ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Mo pariwo mọ́ ọn títí ó fi sunkún. Mi ò mọ bí ẹ ṣe ṣe tiyín.

Mo ti kọ owó náà sínú ìwé láàárọ̀ yìí, sábẹ́ orúkọ mi. Mo fi àyè iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ iye tí ẹ san.