Ẹ̀sùn lórí kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí fọ́tò rẹ̀ tako ìpolówó rẹ̀

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Ọjà Títà

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹ̀sùn sùn yín lórí kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ kan tí ẹ polówó ní 185,000 náírà, tí mo sì ti san 60,000 náírà sílẹ̀ lé lórí láti Ìbàdàn níbi tí mo ń gbé. Ohun tí ẹ kọ sínú ìpolówó náà ni pé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà gbágungbàgun ni, pé jíà rẹ̀ jẹ́ Ṣimánò Díórè M6000, pé ó ní jíà 21, àti pé epo ni ó ń ti bíréèkì rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ẹ fi sí i, apá òsì kẹ̀kẹ́ náà sì ni ẹ ti yà á. Apá ọ̀tún ni ṣéènì àti jíà máa ń wà, nítorí náà fọ́tò yín kò fi ohun tí ẹ ń tà gan-an hàn. Mo gbà pé àìfarabalẹ̀ tèmi ni bí mo ṣe sanwó kí n tó béèrè fún fọ́tò apá kejì.

Nígbà tí mo béèrè, ẹ fi mẹ́ta ránṣẹ́, wọ́n sì mọ́lẹ̀ dáadáa: ọ̀kan láti apá ọ̀tún, ọ̀kan láti ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn, àti ọ̀kan tí ó súnmọ́ bíréèkì iwájú. Mo wò wọ́n, mo sì sọ fún yín pé kẹ̀kẹ́ yìí kọ́ ni ẹ polówó. Òṣìṣẹ́ yín dá mi lóhùn lórí fóònù pé kò sí ẹni tí ó lè ti inú fọ́tò mọ irú kẹ̀kẹ́, pé kí n wá fojú ara mi rí i ní Èkó, àti pé bí n kò bá wá, owó tí mo san sílẹ̀ ti wọgbó. Èsì yìí ni ó bí lẹ́tà yìí.

Kí a tilẹ̀ tó débi fọ́tò, ọ̀rọ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ń ta ko ara rẹ̀. Iye jíà kẹ̀kẹ́ ni iye àwo eléyín tí ó wà níwájú, níbi pẹ́dà, tí a fi sọ iye àwo eléyín tí ó wà lẹ́yìn di púpọ̀. Jíà 21 túmọ̀ sí mẹ́ta níwájú àti méje lẹ́yìn. Àwo mẹ́wàá lẹ́yìn ni wọ́n ṣe Díórè M6000 fún, èyí tí í máa fún ènìyàn ní 20 tàbí 30, tí kò sì lè fúnni ní 21 láéláé. Mo ka àwọn àwo náà nínú fọ́tò tí ẹ yà láti ẹ̀yìn, méje ni wọ́n lóòótọ́. Òṣìṣẹ́ yín ní Díórè ti fìgbà kan rí jẹ́ méje. Òótọ́ ni, ní nǹkan bí ọdún 1990, ṣùgbọ́n kì í ṣe M6000 tí ẹ dárúkọ, kò sì sí ìdí tí a ó fi máa fi orúkọ bàbá pe ọmọ.

Fọ́tò yìí kan náà ni ó fi òǹtẹ̀ ara jíà hàn. Apá irin tí ó ń ti ṣéènì láti orí àwo kan bọ́ sí orí òmíràn ní orúkọ Ṣimánò lójú, orúkọ yẹn sì ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Japan náà ń ṣe láti orí èyí tí ó kéré jù títí dé èyí tí àwọn asáré-ìje ń lò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí. Nígbà tí mo fa fọ́tò náà tóbi, ohun tí mo kà ni RD-TY300. RD dúró fún jíà ẹ̀yìn. TY jẹ́ àmì Tọ́nì, ìpele tí wọ́n ń fi sára kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n sì ṣe fún àwo mẹ́fà tàbí méje. Jíà tí ó ń ṣiṣẹ́ ni, n kò bú u. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo sanwó fún.

Ẹ lè sọ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ gùn ún ní òkè òkun ni ó pààrọ̀ jíà náà, nítorí pé tòkunbọ̀ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, mo sì tún padà wo férémù. Férémù tí wọ́n ṣe fún jíà gidi máa ń ní etí irin kan tí ó yọ sísàlẹ̀ níbi tí ìdí táyà ẹ̀yìn wọ̀ ọ́, tí wọ́n lu ihò tí bóòtù ń yí wọ̀ sí, inú ihò yẹn ni wọ́n sì máa ń de jíà mọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pààrọ̀ jíà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, etí náà yóò ṣì wà níbẹ̀. Nínú fọ́tò yín, kò sí etí kankan. Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n kì bọ abẹ́ nọ́ọ̀tù táyà, tí jíà sì ń fì lára rẹ̀. Etí máa ń kán nígbà mìíràn, kí wọ́n sì fi irú irin bẹ́ẹ̀ dípò rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi wá ojú ibi tí ó ti kán, tàbí ojú bóòtù tí a fi ń de etí tí ó ṣeé yọ. N kò rí ọ̀kankan. Ojú férémù níbẹ̀ dán, ọ̀dà àkọ́kọ́ sì bò ó délẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé-iṣẹ́ nìyẹn.

Ti bíréèkì kò gba àlàyé gígùn. Bíréèkì tí epo ń tì máa ń ní rọ́bà kan tí ó wọnú rẹ̀ tààrà láìsí ibi tí wáyà ti yọ síta, bẹ́ẹ̀ ni àpótí kékeré tí epo wà nínú rẹ̀ máa ń wà lára ọwọ́ bíréèkì. Èyí tí ó wà nínú fọ́tò yín ní apá kékeré kan tí wáyà ìhòòhò ń fà, tí bóòtù sì dì mú ní ìparí rẹ̀. Tẹ́kìtírò ni wọ́n kọ sí i lára, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Taiwan tí ó ń ṣe oníwáyà àti elépo, nítorí náà orúkọ nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí. Wáyà ni ó dá a. Àwo irin tí ó wà láàárín táyà ni ó mú kí ẹni tí ó kọ ìpolówó yín rò pé elépo ni, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ni ó ń lo àwo.

Mo mọ ibi tí fọ́tò mọ. Kò lè sọ fún mi bóyá férémù náà ti sán lábẹ́ ọ̀dà, tàbí bóyá ìdí pẹ́dà rẹ̀ ti ń mì, n kò sì fi ẹ̀sùn kankan kàn yín lórí ìwọ̀nyẹn. Fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni à ń fi ń rìnrìn àjò lọ wo ọjà. Ṣùgbọ́n iye àwo, òǹtẹ̀ jíà, etí férémù àti wáyà bíréèkì kò ní yí padà nítorí pé mo wọkọ̀ wá sí Èkó.

Nítorí náà, mo ń béèrè pé kí ẹ dá 60,000 náírà mi padà sínú àkáǹtì tí mo fi sanwó láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ẹ sì tún ìpolówó náà kọ, nítorí pé ó ṣì wà níta títí di òwúrọ̀ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ tà á fún mi gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó jẹ́, 90,000 náírà ni mo lè san, kí ẹ yọ àsansílẹ̀ mi kúrò nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí atúnkẹ̀kẹ́ṣe mi ní Èkó bá ti yẹ férémù náà wò. Mo fi fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìpolówó yín àti rìsíìtì owó tí mo san mọ́ lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Oníbàárà yín láti Ìbàdàn