Ìdánwò oṣù mẹ́fà tó di oṣù mẹ́rìnlá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Lórí ìròyìn yín nípa àwọn tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ "ìdánwò", ìyẹn sáà tí ọ̀gá fi ń wo bí òṣìṣẹ́ tuntun ṣe ń ṣe sí: ọ̀gá lè ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ láàárín ìdánwò, ṣùgbọ́n kò lè máa fa ìdánwò náà bíi rọ́bà.

Ọmọ àbúrò mi ṣe akọ̀wé ní ilé ìtajà kan ní Ìlọrin. Oṣù mẹ́fà ló wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi mẹ́ta kún un, lẹ́nu lásán. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan mọ́, owó oṣù ṣáà ń wọlé. Nígbà tó di oṣù kẹrìnlá, wọ́n ní kó má wá lọ́la, pé ìdánwò ni ó ṣì wà.

Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ló ń dá ìdánwò sílẹ̀. Ohun tí òfin iṣẹ́ wa là kalẹ̀ fún irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni ìfitónilétí kí wọ́n tó dá a dúró: ọjọ́ kan bí kò bá tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan, ní kíkọ sílẹ̀, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì. Bí wọn ò bá fẹ́ dúró, kí wọ́n san owó ọ̀sẹ̀ náà. "Má wá lọ́la" kò sí níbẹ̀.

Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ sì ti dájọ́ rí pé ẹni tí sáà ìdánwò rẹ̀ ti parí, tí wọ́n ṣì ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń sanwó fún un, ti di òṣìṣẹ́ gidi, bí kò tiẹ̀ gba lẹ́tà kankan. Ìwé báǹkì tó fi owó oṣù hàn ni ẹ̀rí rẹ̀. Ọmọ wa, ó ṣeun, kò sọ tirẹ̀ nù.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀fà.