Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta tí ẹ̀jẹ́ǹtì ń ṣèlérí iṣẹ́ ìlú òyìnbó fún

Ẹ̀yin ọmọ wa,

Ẹ kú ìlàkàkà. Láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Kútọ̀, àti lórí fóònù yín pẹ̀lú, ìpolówó àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì tó ní àwọn ń mú èèyàn lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun kò lónkà mọ́. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ojúlówó. Àwọn gbájúẹ̀ inú wọn náà ti mọ̀ pé ẹ ó béèrè ìwé, wọ́n sì ti tọ́jú ìwé dè yín. Gbájúẹ̀ tó mọṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe gbogbo nǹkan ní ayédèrú. Ó lè forúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní tòótọ́, ó sì lè dárúkọ agbanisíṣẹ́ tó wà ní tòótọ́. Àárín àwọn méjèèjì ni irọ́ rẹ̀ máa ń wà, níbi tó ti ní òun ń ṣojú fún agbanisíṣẹ́ náà. Bí àyẹ̀wò yín kò bá dé ibẹ̀, ẹ ò tíì yẹ nǹkan kan wò.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ẹ̀jẹ́ǹtì kan tó gba yàrá méjì ní Ìbarà fi ìwé ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣadé. Ìwé náà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Mansẹ́sítà, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ gbà á síṣẹ́. Wọ́n ní kó wá san mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ náírà tí wọ́n pè ní owó COS, kí ìdajì rẹ̀ sì wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí pé àyè ti ń tán.

Ohun tí Ṣadé yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn ni orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ gan-an lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, àti nọ́mbà rẹ̀. Orúkọ ara pátákó lè yàtọ̀ sí i. Yóò wá lọ sí icrp.cac.gov.ng/public-search, yóò tẹ orúkọ náà tàbí nọ́mbà náà síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Kó ka orúkọ tó bá jáde lẹ́tà sí lẹ́tà, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yàtọ̀ lè sọ ilé-iṣẹ́ kan di òmíràn. RC ló ń ṣáájú nọ́mbà kọ́ńpìnnì, BN ló ń ṣáájú ti orúkọ ìṣòwò lásán. Kó wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, kó sì wo bóyá ACTIVE ni wọ́n kọ sí i tàbí INACTIVE. INACTIVE sábà máa ń túmọ̀ sí pé wọn kì í fi ìròyìn ọdọọdún tí òfin béèrè ránṣẹ́. Ká ní ti Ṣadé jáde ní ACTIVE, pẹ̀lú RC, àmọ́ oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n forúkọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sọ pé láti ọdún 2012 làwọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kò sóhun tó burú nínú kí ilé-iṣẹ́ jẹ́ tuntun. Ohun tó burú ni pé wọ́n ti purọ́ nípa ọjọ́ orí ara wọn, kí ó fi èyí sọ́kàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ yín máa ń dúró sí rèé. Ẹ rí ìwé CAC nínú férémù lára ògiri, ẹ rí nọ́mbà owó orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkàn yín bá balẹ̀. Ṣùgbọ́n CAC ń forúkọ aṣerunlóge sílẹ̀, ó ń forúkọ aláṣọ òkè sílẹ̀, kì í ṣe òun ló ń fún èèyàn láṣẹ láti kó òṣìṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 23, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ọmọ Nàìjíríà síṣẹ́, ìbáà ṣe nílé tàbí lẹ́yìn odi, láìní ìwé àṣẹ. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ìgbanisíṣẹ́ ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì yìí. Nítorí náà Ṣadé yóò ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ rí láísẹ́ǹsì ìgbanisíṣẹ́ yín.” Bí wọ́n bá fi ìwé CAC hàn án padà, ó ti rí èsì.

Bí wọ́n bá mú láísẹ́ǹsì jáde, ohun mẹ́ta ni kó wò lára rẹ̀: bóyá orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ti CAC mu, bóyá ọjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, àti bóyá ó kan kíkó èèyàn lọ sókè òkun. Láísẹ́ǹsì tí wọ́n fún orúkọ kan kò bo orúkọ mìíràn. Àwọn kan á ní, “Orí ọ́fíìsì wa l'Ékòó ló wà.” Kó ní kí wọ́n fún òun ní orúkọ ọ́fíìsì Èkó náà, kó tún un yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì pe Èkó fúnra rẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n mọ àwọn ti Ìbarà. Lẹ́yìn èyí, kó ya fọ́tò láísẹ́ǹsì náà, kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nílùú Abẹ́òkúta níbí, kó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó wà nínú ìwé wọn. Ìwé tí èèyàn tẹ̀ jáde lórí kọ̀ǹpútà kò ṣòro láti ṣe. Ọ̀dọ̀ ẹni tó fúnni láṣẹ la ti ń mọ òótọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù, ibẹ̀ ni irọ́ ti máa ń tètè hàn jù. COS ni ìwé ẹ̀rí tí agbanisíṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún òṣìṣẹ́ tó fẹ́ gbà láti òkè òkun. Orí ẹ̀rọ ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, nọ́mbà rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ máa ń lò láti fi béèrè físà láàárín oṣù mẹ́ta. Ìwé aláwọ̀ mèremère tí wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa mọ́ kọ́ ni COS. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba wọn gbé owó tó wà lórí rẹ̀ sí pọ́n-ún 525, ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni wọ́n sì ń gbà á. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n sì ti ka á léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti gba owó yẹn padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó bá físà Skilled Worker lọ. Òfin wọn ti ọdún 1973 tún sọ pé ilé-iṣẹ́ tó ń wáṣẹ́ fúnni kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ nítorí pé ó bá a wáṣẹ́. Ẹ wá wò ó: kò sí ohun tí à ń pè ní owó COS tí òṣìṣẹ́ ń san, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.

Ohun tí òṣìṣẹ́ ń san ní tirẹ̀ ni owó físà, tí yóò fi káàdì ara rẹ̀ san lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti owó àyẹ̀wò ikọ́ ife, èyí tí ibùdó IOM ní Ìkẹjà ń ṣe, àti owó ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni owó kọ̀ọ̀kan ń lọ, orúkọ yín ló sì ń jáde lára rìsíìtì. Ẹni tó ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù lè gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mi ò ní kó má gbà á. Àmọ́ kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé fọ́ọ̀mù lòun bá yín kọ, kó má pè é ní owó iṣẹ́.

Nǹkan kékeré kan tún wà tó ń tú àṣírí. Kí Ṣadé tẹ nọ́mbà àkáǹtì tí wọ́n fún un sínú áàpù báńkì rẹ̀ láìtíì fi owó ránṣẹ́. Orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì á jáde. Bí kò bá bá orúkọ tó rí lọ́dọ̀ CAC mu, tí ó jẹ́ orúkọ èèyàn kan ṣá, kó dá ọwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́. Lórí GOV.UK, ìjọba wọn ń gbé ìwé orúkọ àwọn agbanisíṣẹ́ tó láṣẹ láti gba àjèjì jáde. Ẹ wá a pẹ̀lú orúkọ yìí: Register of licensed sponsors: workers. Orúkọ ilé-iṣẹ́, ìlú rẹ̀, ipò rẹ̀ àti irú físà tó lè ṣe ló wà níbẹ̀. A rating ló dáa. Èyí tó bá wà ní B rating kò lè ṣe COS fún òṣìṣẹ́ tuntun. Ká ní ilé ìtọ́jú ti Mansẹ́sítà náà wà níbẹ̀, ní A rating. Inú Ṣadé á dùn, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti máa ń mú èèyàn. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣí ìwé yẹn, ẹ̀jẹ́ǹtì náà ṣí i, ó sì mú orúkọ kan níbẹ̀. Ìwé náà kò sọ pé ilé-iṣẹ́ náà ń wá èèyàn, kò sì sọ pé ó mọ ẹni kankan ní Ìbarà.

Nítorí náà kó lọ sí cqc.org.uk, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ orúkọ àwọn ilé ìtọ́jú sílẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì àti nọ́mbà fóònù wọn. Nọ́mbà tó bá rí níbẹ̀ ni kó pè, kì í ṣe èyí tó wà lórí ìwé ẹ̀jẹ́ǹtì, torí ọ̀rẹ́ ẹ̀jẹ́ǹtì lè máa dúró de ìpè níbẹ̀. Kó béèrè bóyá wọ́n fún ilé-iṣẹ́ yìí láṣẹ láti bá wọn wá òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, àti bóyá àwọn ló kọ lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ òun. Kó ní kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ láti orí ímeèlì ilé-iṣẹ́ wọn. Bí ímeèlì tí ẹ̀jẹ́ǹtì ń lò bá parí sí gmail.com, tàbí tí wọ́n fi àmì kan tàbí ọ̀rọ̀ bíi careers há àárín orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, kó fura sí i. Bí wọn kò bá sì dá a lóhùn, kó má kà á sí bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ti Ṣadé yìí, ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ì bá gba gbogbo wàhálà yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ti ilẹ̀kùn físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mọ́ àwọn tó ń béèrè láti òkè òkun. Ìlànà wọn tún ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti lọ wá òṣìṣẹ́ ìlera àti ti ìtọ́jú fún wọn. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ lọ lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́, ìyẹn kò léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ǹtì tó gbé pátákó sí Ìbarà pé òun ń kó nọ́ọ̀sì fún wọn ti tako ìlànà náà kó tó la ẹnu. Ẹ máa ka ohun tó wà lórí GOV.UK lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi iṣẹ́ lọ̀ yín, torí òfin wọn ń yí padà.

Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ṣàgámù tàbí Ọ̀tà ni wọ́n ṣèlérí, ọ̀nà kan náà ni, ó tiẹ̀ rọrùn jù. Ẹ wọkọ̀ lọ sí ẹnu géètì, ẹ béèrè fún ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́, ẹ fi lẹ́tà náà hàn wọ́n.

Ẹ má fi pásípọ̀ọ̀tù yín sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ́ǹtì nítorí pé ó ní òun fẹ́ “tọ́jú rẹ̀.” Bí owó bá ti jáde, ẹ lọ sí báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ní kí wọ́n bá yín bá báńkì kejì sọ̀rọ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí fóònù rẹ́. Ẹ kó rìsíìtì, nọ́mbà àkáǹtì àti lẹ́tà iṣẹ́ náà jọ, kí ẹ gbé wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá sì ti ń sọ̀rọ̀ àtigba ọ̀nà ìgbẹ́ kọjá, tàbí pé ẹ ó san gbèsè tán tí ẹ bá débẹ̀, ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, lórí 627.

Èmi ni, àgbà yín.