Má fi "kí ló dé" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí fóònù lánàá, pé akọ̀wé owó yẹn kàn dijú mọ́rí, ó ní kó o lọ bi ọ̀gá òun. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, má bínú, ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí nígbà tí mo ṣì ń ṣe ọ́dítọ̀. Fáọ́ṣà 40 lo yẹ̀ wò, o rí 6 tí déètì ìwé ìgbẹrù wà lẹ́yìn déètì ìsanwó, lo bá kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síwájú ẹ̀ pé "kí ló dé tẹ́ ẹ sanwó kẹ́rù tó dé?" Hàà! Ìwọ rò pé ìbéèrè lo bi í, òun gbọ́ ọ bíi pé o ní òun jalè, ọ̀gá ẹ̀ sì tún jókòó síbẹ̀.

Tó o bá padà lọ, bá òun nìkan nídìí tábìlì ẹ̀. Tọ́jú fáọ́ṣà 6 yẹn ná. Sọ pé bíṣẹ́ ṣe ń lọ lo fẹ́ mọ̀, kó mú èyí tó ṣe gbẹ̀yìn, kó fi hàn ẹ́ látìgbà tí ínfọ́ìsì bá ti dé títí owó á fi jáde, ta ló ń kọ ìwé ìgbẹrù, ìgbà wo ló ń kọ ọ́, tí ẹni yẹn ò bá wá síṣẹ́ ńkọ́? Ibi ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn lòótọ́ sábà máa ń fara pamọ́ sí. Tó bá dákẹ́, ìwọ náà dákẹ́, má bá a parí ọ̀rọ̀, torí tó o bá fi ìdáhùn sí i lẹ́nu, "bẹ́ẹ̀ ni mà" lásán lo máa gbà.

Tèmi nígbà yẹn, fáọ́ṣà 9 ni déètì ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe béèrè báyìí ni ọkùnrin náà ní ẹni tó ń ṣọ́ stọ́ọ̀ kì í kọ ìwé àfi lọ́jọ́ Fráídè, ẹrù á ti dé, wọn á ti máa lò ó, déètì tí mo ń rí, déètì ìkọ̀wé ni. Mi ò kàn gbà á gbọ́ o, ISA 500, ìlànà àgbáyé lórí ẹ̀rí tí ọ́dítọ̀ ń kó jọ, náà sọ pé bíbéèrè nìkan kì í sábà tó ẹ̀rí. Mo ní kí n rí wébìlì àwọn tó gbẹ́rù wá. 8 bá ohun tó sọ mu, ọ̀kan ò ní wébìlì kankan. Ìgbà yẹn ni mo wá fi ọ̀kan yẹn hàn án, mo ní "ẹ jọ̀ọ́, báwo lèyí ṣe lọ?" Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ẹni tó pè é lórí fóònù pé kó sanwó.

Ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá ti dé irú ibẹ̀ yẹn, dúró. Má bá a ṣèlérí pé o ò ní sọ fẹ́nì kankan, má sì máa tẹ̀ ẹ́ nínú. Ka ohun tó o kọ sílẹ̀ fún un kó tún un ṣe níbi tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, kó o wá gbé e lọ bá olórí tíìmù yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Pè mí tó o bá ti rí wébìlì àwọn 6 yẹn.

Ìyá ẹ