Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ kéde iṣẹ́ òkè òkun fún ará ilé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú oríire. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó o rí ní Mánṣẹ́sítà yìí dùn mọ́ mi kọjá sísọ. Mo ti ka ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ kọ sábẹ́ fọ́tò tó o máa gbé sórí Wọsáàpù ẹbí. Jọ̀ọ́, má tíì fi ránṣẹ́. Ẹyin lohùn. Ìṣẹ́jú 15 péré ni Wọsáàpù fún èèyàn láti tún ọ̀rọ̀ tó ti fi ránṣẹ́ kọ, kí ìṣẹ́jú 15 náà sì tó pé, ẹ̀gbọ́n Bàbá lè ti kà á tán.

Ohun tó o kọ nìyí: “Ẹ bá mi yọ̀ o! Mo ti já! Iya Naijiria ti dopin laye mi. Mo ti di nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó, ojú ti àwọn tó ní mi ò ní débì kan. Mo dupe lowo Oluwa to fun mi ni ise.”

Gbólóhùn nípa ìyà Nàìjíríà ló kọ́kọ́ yẹ kó kúrò. Inú ohun tó o pè ní ìyà yẹn ni àwọn tó máa kà á ṣì wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí owó tí wọ́n fi ràn ọ́ lọ́wọ́. Tí Mọ́mì bá kà á nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, kí lo fẹ́ kí wọ́n rò?

“Ojú ti” léwu jù ú lọ. Ẹnì kan lo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí ló máa kà á. Àǹtí tó o lọ bá fún ìrànlọ́wọ́, tí kò sí lọ́wọ́ wọn lásìkò yẹn, àwọn ló máa kọ́kọ́ rò pé àwọn lo ń bá wí. Ẹni tó o torí ẹ̀ kọ ọ́ gan-an lè má fura rárá. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ṣe ń di ìjà.

“Mo ti di nọ́ọ̀sì” náà ò tọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ni ọ́ láti ilé wá. Tó o bá sì dé ọ̀hún, wọn ò tíì ní pè ọ́ ní nọ́ọ̀sì títí wàá fi yege ìdánwò àfọwọ́ṣe tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ ń pè ní ọ́sìkì, tí orúkọ rẹ á sì wọ ìwé àjọ tó ń rí sí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni kì í san owó oṣù nọ́ọ̀sì pé kó tó dìgbà yẹn. Nítorí náà, kọ ọ́ bó ṣe rí: o ríṣẹ́, ìdánwò kan sì wà níwájú tó o fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà sí. Òótọ́ ni, ó sì fún àwọn àgbà ní iṣẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó gbàdúrà sí nǹkan á bá ọ yọ̀ nígbà tó bá bọ́ sí i.

Wo “ise” tó o kọ láìfi àmì sí. Iṣẹ́ ni èèyàn ń ṣe jẹun, ìṣẹ́ sì ni òṣì. O ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fún ọ ní èwo? Yan Yorùbá nínú bọ́tìnnì ìkọ̀wé fóònù rẹ, kó o tẹ s mọ́lẹ̀ títí ṣ á fi yọ. Ó kéré tán, fi àmì sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ti ọpẹ́, mo mọ̀ pé o fẹ́ dárúkọ gbogbo ẹni tó dá owó. Má ṣe bẹ́ẹ̀ níta. Tó o bá dárúkọ mẹ́sàn-án, tó o gbàgbé ìkẹwàá, ìkẹwàá yẹn ni gbogbo ilé á máa sọ. Dárúkọ àwọn òbí wa àti olórí ẹbí, kó o wá kó àwọn yòókù pọ̀: ará ilé bàbá, ará ilé màmá. Lẹ́yìn náà, fi ohùn ránṣẹ́ sí olúkúlùkù ẹni tó ràn ọ́ lọ́wọ́, kó o sọ ohun tó ṣe ní pàtó. Má dárúkọ iye owó níbi tí ẹlòmíràn ti lè gbọ́, má sì kọ pé ẹnikẹ́ni yá ọ lówó. Ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ lè má mọ̀.

Má kọ iye tí wọ́n máa san fún ọ. Kíá ni wọ́n á sọ pọ́n-ùn di náírà, kò sì sẹ́ni tó máa yọ owó orí, owó ìfẹ̀yìntì àti owó ilé kúrò. Ká ní yàrá kan jẹ́ 600 pọ́n-ùn lóṣù. Ní Ìńgílándì, onílé lè gba owó ìdógò tó tó ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìyẹn nǹkan bíi 692 pọ́n-ùn. Tó o bá fi owó oṣù àkọ́kọ́ kún un, 1,292 pọ́n-ùn lo máa ní lọ́wọ́ kí wọ́n tó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́. Ìparí oṣù sì ni owó iṣẹ́ ń wọlé. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ìwé owó oṣù dé, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ kó o kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ọkọ̀ òfúrufú gbé ọ. Ṣùgbọ́n má kọ “ẹ má tíì béèrè owó”. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ìyẹn fún Dádì àti Mọ́mì, wọ́n á sì bá ọ sọ ọ́ fáwọn yòókù.

Fọ́tò ìwé ìrìnnà àti ìwé iṣẹ́ tó o fẹ́ lò, yọ ọ́. Nọ́ńbà tí èèyàn lè fi lu jìbìtì wà lára wọn. Èyí tí ìwọ àti Mọ́mì jọ yà níwájú ilé ló dára jù.

Bí mo ṣe rò pé kó o kọ ọ́ nìyí:

“Ẹ̀yin ẹbí mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Ẹ ṣé, Dádì, ẹ ṣé, Mọ́mì. Bàbá olórí ẹbí, ẹ ṣeun. Gbogbo ará ilé bàbá àti ará ilé màmá, ẹ kú àdúrótì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àdúrà. Mo ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Mánṣẹ́sítà. Ọjọ́ 14 oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò kan ṣì wà níwájú kí n tó lè ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí mi nínú àdúrà. Ọ̀sán Sunday ni màá máa pè yín. Olúwa á jẹ́ ká jọ jẹ èrè rẹ̀. Ọmọ yín ni.”

Ọpẹ́ ló ṣíwájú níbẹ̀ torí pé ìlà díẹ̀ ni Wọsáàpù ń fi hàn kéèyàn tó tẹ̀ ẹ́ láti ka ìyókù, àwọn àgbà míì kì í sì í tẹ̀ ẹ́. Tó o bá ń pe ilé, rántí pé láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago tiyín àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù, tiwa á fi wákàtí kan ṣíwájú.

Kó o tó fi ránṣẹ́, pe Dádì, lẹ́yìn náà Mọ́mì, lẹ́yìn náà olórí ẹbí, lọ́jọ́ kan náà. Màmá àgbà kì í kàwé, nítorí náà pe ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn kó gbé fóònù sí wọn létí. Tí wọ́n bá ti súre fún ọ tán, fi ránṣẹ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.