Iyọ̀ inú mágì ni kí ẹ bá wa sọ

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí inú ń bí mi. Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, níbí ní Ẹ̀pẹ́, àwọn elétò ìlera ta ìbòrí sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, wọ́n ń bá àwọn ìyálọ́jà yẹ ìfúnpá wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó dára ni, mi ò bá wọn jà nítorí ìyẹn. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tí tirẹ̀ bá ti ga, gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń sọ fún un: "Màmá, ẹ dín iyọ̀ kù." Kò sí àlàyé, wọn ò sì bi í ní ìbéèrè kankan, ẹlòmíì ti jókòó sórí àga. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan dúró sí, tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọrin, tó ń fi mágì ṣe ènì fún ẹni tó bá rajà lọ́wọ́ wọn. Àwọn obìnrin ń kúrò lábẹ́ ìbòrí, wọ́n ń lọ tò síbẹ̀. Àwọn aláṣẹ tó wà níbẹ̀ ń wò wọ́n, ẹnu wọn ò ya.

Bí mo ṣe pè é ní mágì yìí, gbogbo hóró amọ́bẹ̀dùn tí à ń ya bébà lára rẹ̀ sínú ìkòkò ni mo ní lọ́kàn, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é.

Ojúlùmọ̀ mi kan wà lórí ìlà, gààrí ló ń tà. Nígbà tí wọ́n yẹ tirẹ̀ wò, 170 lórí 100 ni ẹ̀rọ gbé jáde. Bó bá ti di 140 lórí 90 sókè, tí kò sì wálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn, nítorí náà tirẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kò sì mọ nǹkan kan lára. Orí ò fọ́ ọ, ojú ò kọ́ ọ. Wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù. Ó ní: "Ọmọ mi, láti èṣí ni mi ò ti fọwọ́ kan iyọ̀ mọ́. Mágì nìkan ni mo fi ń sebẹ̀." Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà," ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó pe ẹni tó kàn.

Ẹ dín iyọ̀ kù! Iyọ̀ wo?

Alásè ni mí, ìkòkò ńlá ni mò ń dá sórí iná, mo sì mọ ohun tó ń lọ sínú rẹ̀. Mo pe obìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bi í léèrè irú ọbẹ̀ tó sè lánàá. Ó ní ẹ̀fọ́ rírò ni, òun àtàwọn ọmọ òun mẹ́rin ló jẹ ẹ́ tán lọ́sàn-án àti lálẹ́. Mágì mélòó? Ó ní mẹ́fà, nítorí kò fi iyọ̀ sí i, ó ní láti fi mágì dí i. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Hóró kan nínú irú èyí tó ń lò wọn tó gíráàmù 4. Mẹ́fà jẹ́ gíráàmù 24. Iyọ̀ ló máa ń kó bí ìdajì irú hóró bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká tiẹ̀ ní ìdajì péré ni, gíráàmù 12 iyọ̀ ló wà nínú ìkòkò náà, èyí sì ju ṣíbí tíì méjì lọ. Obìnrin tó ní òun ò fọwọ́ kan iyọ̀, ṣíbí tíì méjì iyọ̀ ló bù sínú ọbẹ̀ kó tó mú ẹja.

Ẹ pín gíráàmù 12 sí ọ̀nà márùn-ún, ó ju gíráàmù 2 lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, kí ti ọmọdé sì kéré síyẹn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìdajì rẹ̀ nínú mágì nìkan. A ò tíì ka ẹja, a ò tíì ka búrẹ́dì àárọ̀, a ò tíì ka núdù tí àwọn ọmọ jẹ, tí iyọ̀ tirẹ̀ wà nínú ọ̀rá kékeré tí wọ́n dì mọ́ ọn.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó fọ́ hóró kan sínú ìdajì ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ rẹ̀ á ta lẹ́nu. Nínú ọbẹ̀, ata, epo àti adùn mìíràn tí wọ́n pò mọ́ hóró náà kì í jẹ́ kí ahọ́n tètè mọ̀. Ó sì wà lára bébà rẹ̀ fún ẹni tó lè kàwé kékeré: bí wọ́n ṣe ń to ohun tó wà nínú oúnjẹ sára páálí, èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣáájú. Iyọ̀ ló máa ń ṣáájú lára èyí tí mo ń rà.

Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ru kò ṣòro láti sọ fún ìyálọ́jà, bí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́. Iyọ̀ ń fa omi mọ́ra. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ lára, ara á dá omi dúró, omi yẹn á wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ nínú iṣan, á sì máa ti iṣan le ju bó ṣe yẹ lọ. Iyọ̀ inú mágì àti iyọ̀ inú agolo kò yàtọ̀ lójú iṣan.

Ọ̀rọ̀ ẹja ńkọ́? Àwa ará Ẹ̀pẹ́ kò lè sọ pé a ò mọ ẹja. Ẹni tó bá lọ sí ọjà Olúwo á rí ẹja àrọ̀ tí wọ́n ká, tí wọ́n yan, tó dúdú, tó ń dán. Kí wọ́n tó yan án, àwọn kan á fi iyọ̀ pa á lára kí yíyọ̀ ara rẹ̀ lè kúrò, wọ́n á fi omi ṣàn án. Ìyẹn ò burú púpọ̀, ọ̀pọ̀ iyọ̀ yẹn bá omi lọ. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni rírẹ ẹ sínú omi iyọ̀ lẹ́yìn náà, tí iyọ̀ fi ń wọ ẹran rẹ̀ lọ. Mi ò dá àwọn ayanja lẹ́bi, nítorí igi ìdáná ti wọ́n, nígbà òjò ẹja kì í gbẹ bó ṣe yẹ, iyọ̀ ni wọ́n fi ń dí i kó má bàa jẹrà. Ẹja tí wọ́n yan gbẹ dáadáa kò nílò iyọ̀ púpọ̀. Ẹ lè fojú mọ èyí tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀: bẹ́ ẹ bá dá a sí méjì, ẹ máa rí hóró fúnfún wínníwínní tó ń kọ mànà lára awọ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun, ẹ fi omi tọ́ ọ, á yọ́. Bó bá ní irun bí òwú tí kò sì yọ́, èébu nìyẹn, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Nínú ilé wa náà, omi gbígbóná tí a fi ń fọ ẹja, iyọ̀ la tún ń bù sí i. Wọ́n ní kó lè pa kòkòrò ni. Omi gbígbóná lásán tó. Ẹ rẹ ẹja náà síbẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ ya egungun àárín rẹ̀ kí omi lè wọ inú, ẹ dà omi yẹn nù. Àwọn kan máa ń fi omi ẹja yẹn sebẹ̀ pé ó ládùn. Iyọ̀ tó jáde ni wọ́n ń dá padà sínú ìkòkò.

Mo tún padà sí mágì, nítorí ẹja ò lè dà bíi tirẹ̀: ojoojúmọ́ là ń sebẹ̀, mágì sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó wà nípò ṣe ni pé kí wọ́n fi òfin mú ilé-iṣẹ́ kọ iye iyọ̀ inú hóró kan síwájú páálí àti sára bébà hóró náà, ní nọ́ńbà gàdàgbà. Kí wọ́n má fi sódíọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, ní mílígíráàmù dà wá láàmú. Ẹni tó bá rí sódíọ̀mù mílígíráàmù 800 lára hóró kan lè rò pé kékeré ni, kò mọ̀ pé mílígíráàmù 400 sódíọ̀mù jẹ́ bíi gíráàmù kan iyọ̀, pé gíráàmù 2 ló wà lọ́wọ́ òun. Kí wọ́n kọ ọ́ pé "Iyọ̀: gíráàmù 2", kí wọ́n ya ṣíbí tíì kan síbẹ̀ kí wọ́n kun ibi tó dé, kí ìyá tí kò kàwé lè rí i. Mo fẹ́ kí ó wà lára hóró gan-an, kì í ṣe lára páálí nìkan, nítorí ọ̀pọ̀ wa kì í ra odindi páálí. Hóró márùn-ún, hóró mẹ́wàá là ń rà lọ́wọ́ alájàpá.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi òté lé iye tí hóró kan kò gbọdọ̀ kọjá, kí wọ́n sì máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn ní Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà ṣe òfin rẹ̀ ní 2013, wọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́ láyè títí di oṣù kẹfà 2016, wọ́n tún rẹ òté náà sílẹ̀ ní 2019. Hóró amọ́bẹ̀dùn àti ìyẹ̀fun ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá lè dín in kù fún wọn níbẹ̀, kí ló dé tí kò lè ṣẹlẹ̀ fún wa níbí? Ìwé ìlànà tí wọ́n ń gbé jáde ní Àbújá kò tíì dé ìkòkò ẹnikẹ́ni ní Òkè-Balógun.

Wọ́n á ní ará ìlú kò ní rà á bí kò bá ta lẹ́nu mọ́. Irọ́ ni. Bí a bá ń dín iyọ̀ kù díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ahọ́n á ti bá a lọ, ohun tó ti dùn tẹ́lẹ̀ á wá dà bíi pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ìkọ́kọrẹ́ tí mò ń sè fún òde, ìdajì mágì tí mò ń fi sí i tẹ́lẹ̀ ló kù, mo fi ìrú àti edé gúngún kún un, mo jẹ́ kí àlùbọ́sà àti ata dín dáadáa. Wọ́n ń bu àbùkún. (Ẹ tọ́ ìrú wò kẹ́ ẹ tó rà á o, àwọn kan ń fi iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́.)

Mo gbọ́ pé iyọ̀ kan wà tí wọ́n fi pọtásíọ̀mù dípò díẹ̀ nínú sódíọ̀mù rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kó pọ̀ lọ́jà kó sì dínwó, àmọ́ kí ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú má ṣe jẹ ẹ́ láìbi dókítà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá sí ọjà wá, ẹ má sọ fún wa mọ́ pé ká dín iyọ̀ kù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá pé mágì mélòó ló fi sebẹ̀ lánàá, ẹ bá a ṣírò rẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ sọ fún àwọn ọ̀gá yín pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára bébà.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alásè,
Òkè-Balógun, Ẹ̀pẹ́.