Ìdí tá a fi dín sípíìdì wáìfáì kù lórí fóònù: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Fọlágbádé àti gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ṣé tẹ́ẹ dúró tì wá. Àwọn kan nínú yín ti ń bi wá pé kí ló dé tí wáìfáì wa ò sáré lórí fóònù bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ sọ pé bóyá a ò rówó san dátà mọ́. A san o. Èmi gan-an ni mo dín in kù, mo sì fẹ́ kẹ́ẹ mọ ìdí ẹ̀.

Ọjọ́ Ojúde Ọba ló là mí lójú. Ẹ mọ bí ìlú ṣe máa ń kún lọ́jọ́ kẹta Iléyá, àwọn ọ̀dọ́ ń wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa láti ojúde Awùjalẹ̀, gbogbo wọn ń gbé fídíò ẹṣin àti régbérégbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá kan jókòó sígun, wọ́n ń bá ọmọ wọn tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ lórí Wọ́sáàpù, ohùn wọn ń já lọ́hùn-ún débi pé ọmọ ń pariwo "Mọ́mì, mi ò gbọ́ yín!" títí ó fi rẹ màmá. Lórí kọ̀ǹpútà wa náà, owó pásípọ́ọ̀tù ẹnì kan ti kúrò ní báńkì, ojú ìwé ìsanwó ò sì gbé rìsíìtì jáde. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Mo yẹ sípíìdì wò, dáńlóòdù ṣì ń ṣe nǹkan bíi mẹ́gà 12 nínú 20 tá a ń san fún, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ìgbà tí mo tẹ `ping 8.8.8.8`, tó ń wọn bí èsì ṣe ń pẹ́ tó kó tó padà dé, ni mo tó rí i: ohun tó máa ń jẹ́ 45 ms ní kùtùkùtù àárọ̀ ti di 1300. Ọ̀nà àtijáde, ìyẹn ọ́pùlóòdù, ló ti kún, mẹ́gà 5 péré ni. Fídíò lè tò sórí ìlà kó dúró dìgbà tó máa kàn án, ṣùgbọ́n ohùn tó bá pẹ́ kó tó dé ò wúlò mọ́, bẹ́ẹ̀ kólù kan ò gbà ju nǹkan bí 100k lọ.

Torí ẹ̀ la ṣe ní kí fóònù kọ̀ọ̀kan má gbé ju 512k jáde, kó má sì gbé ju mẹ́gà 2 wọlé. Ìyẹn nìkan ò tó o, torí fóònù mẹ́wàá ní 512k ti ju mẹ́gà 5 lọ, ìyẹn la ṣe tún pín ipò: àwọn tó wà lórí wáìfáì tá a yà sọ́tọ̀ fún ìpè kọ́kọ́ kọjá, kọ̀ǹpútà iṣẹ́ tẹ̀lé e, fóònù yòókù pín ohun tó kù. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn tó ń bi mí bó ṣe rí lórí rúta Maikirotíìkì, ẹ wo apá kan nínú ẹ̀, nọ́ńbà tó ṣáájú ni àtijáde:

```
/queue simple
add name=gbogbo target=192.168.88.0/24,192.168.89.0/24 max-limit=4200k/17M
add name=ipe parent=gbogbo target=192.168.89.0/24 limit-at=600k/600k max-limit=2M/4M priority=1/1
```

Ẹ rí i pé mi ò kọ 5M/20M. Tí mo bá kọ gbogbo ẹ̀, inú modẹ́mù ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìlà náà máa tò sí, mi ò sì lẹ́nu nínú ẹni tó máa kọ́kọ́ kọjá níbẹ̀. Tí mo bá fi díẹ̀ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi níbí ni ìlà ń tò sí, èmi ni mo ń pín in. Ẹ tún pa `fasttrack` inú `/ip firewall filter`, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń wá ìdí tí nǹkan tí mo kọ ò fi ṣiṣẹ́, àṣé ohun tó bá gba ibẹ̀ kìí dé ọ̀dọ̀ ìlà yẹn rárá.

Ibi tí agbára wa ò ká ni ìrọ̀lẹ́, nígbà tí láìnì fúnra ẹ̀ bá ja sí mẹ́gà 3 àtijáde. Mẹ́gà 4.2 tí mo kọ ti ga jù nígbà yẹn, ìlà á padà sínú modẹ́mù. Bí mo ṣe ń mọ̀ ni pé `ping` á lọ sókè, àmọ́ àmì `gbogbo` lórí Wínbọ́ọ̀sì ò ní pọ́n, màá wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 2500k títí di ọ̀la.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ bá fẹ́ pe ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má lo wáìfáì gbogbo èèyàn, ẹ sọ fún ọmọ tó wà níwájú káńtà kó fi yín sórí èyí tó ń jẹ́ `Ipe`. Rúta wa ò lè fojú dá kólù Wọ́sáàpù mọ̀ láàrin dátà yòókù, ibi tẹ́ẹ bá gbà wọlé ló fi ń mọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fídíò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní fídíò ńlá, aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀ ni kó wá, èrò ò tíì pọ̀ nígbà yẹn, màá ṣí tiẹ̀ sílẹ̀ fún un, kò sì ní san owó kún un.